Orúkọ ta ni kí n kọ sábẹ́ fọ́tò àwọn ọmọ méjì yìí?

Àdùkẹ́ Òṣogbo · Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá wa ti sùn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìsìnkú, Ọjọ́bọ̀ yìí sì ni atẹ̀wé fẹ́ gba gbogbo fọ́tò ìwé ètò. Mo rí fọ́tò kan nínú àpótí Màmá: ọmọ méjì, bí ọmọ ọdún mẹ́ta, ọ̀kan wọ dàńṣíkí, ó dé fìlà, ìkejì wọ bùbá àti ìró, ó we gèlè. Wọ́n kọ "Táíwò Kẹ́hìndé 1971" sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ni Kẹ́hìndé, wọ́n wà láyé. Táíwò ò dàgbà, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú àwa tí wọ́n bí lẹ́yìn. Àmọ́ Ìdòwú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ní Àbẹ̀kẹ́, ọmọ àbúrò Bàbá wa, ni ọmọbìnrin inú fọ́tò yẹn. Orúkọ ta ni kí n kọ sábẹ́ rẹ̀?

---

Ọmọ Ìkirè · Ọjọ́ Ajé, 8:58 alẹ́

Kí ló wá ń dà yín láàmú? Ẹni tó kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò ní 1971 ti bá yín dáhùn. Ó dájú pé ó mọ̀ ju Ìdòwú lọ, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìbejì ló dé. Ẹ kọ "Táíwò àti Kẹ́hìndé", kí ẹ fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé.

Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ wo etí. Ojú ọmọdé máa ń yí padà bó ṣe ń dàgbà, etí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Ẹ gba fọ́tò Àbẹ̀kẹ́ tòní, kí ẹ fi etí rẹ̀ wé ti ọmọ yẹn, ó parí.

---

Bàbá Dákúrúùmù · Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn, mà. Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ orúkọ kankan. Gèlè tí ẹ dárúkọ yẹn ti mú mi fura. Ẹ wá dígí kékeré táwọn atúnagogo máa ń fi sójú, kí ẹ fi wo fọ́tò náà lójú oòrùn láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi. Ṣé ìlà kankan là á láàárín láti òkè dé ìsàlẹ̀, bó ti wù kó tín-ín-rín tó? Ṣé àwọn ọmọ náà fara kanra, àbí àlàfo wà láàárín wọn? Aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn wọn ńkọ́, kí ló wà lórí rẹ̀ lẹ́yìn orí ọmọ kìíní, kí ló wà lẹ́yìn orí ìkejì? Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Ojú ò ní sọ nǹkan kan fún yín.

---

Ìyá Tólú · Ọjọ́ Ajé, 9:47 alẹ́

Ẹ ṣé o tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá, ó ti pẹ́ tó ti ń ká mi lára. Níparí ọdún tó kọjá, ilé ìwé ọmọ mi gbé fọ́tò àwọn ọmọ tó gba ẹ̀bùn sórí Fesibúùkù, wọ́n sì kọ orúkọ oníkálukú àti kíláàsì rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn, èmi náà pín in kiri. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, ọkùnrin kan dúró lẹ́nu géètì, ó ní, "Tólú, Dádì ní kí n wá mú ẹ." Ọmọ ọdún méje ni. Ó ti gbé ẹsẹ̀ méjì tẹ̀ lé e kí ìyá tó ń ta bọ́ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tó pariwo, "Ta lo fẹ́ mú?" Ọkùnrin yẹn sá lọ.

Nígbà tí mo bi ọmọ mi ìdí tó fi tẹ̀ lé e, ó ní, "Ó mọ orúkọ mi." Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi orúkọ kún fọ́tò ọmọ mọ́.

---

Ọmọ Ìkirè · Ọjọ́ Ajé, 9:55 alẹ́

Mà, fọ́tò 1971 ni wọ́n ń bi wá léèrè. Ọmọ inú rẹ̀ á ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ta ló fẹ́ lọ gbé e lẹ́nu géètì?

---

Mọ́remí Alákòójọ · Ọjọ́ Ajé, 10:12 alẹ́

Ẹ má dá Ìyá Tólú lóhùn báyẹn. Lóòótọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí Àdùkẹ́ gbé wá nìyẹn, àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù ti sọ ilé ìwé tí ọmọ yẹn ń lọ, fọ́tò ti fi ojú rẹ̀ hàn. Ohun kan ṣoṣo tó kù kí àlejò tó lè dà bí ará ilé lójú ọmọ ni orúkọ, ilé ìwé sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kalẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, ní abala 8, sọ pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀. Mà, ẹ lè mú ìyẹn lọ bá wọn kí wọ́n yọ orúkọ náà.

Àdùkẹ́, ẹ ṣe ohun tí Bàbá wí. Èmi náà ní ọ̀rọ̀ lórí ìkọ̀wé ẹ̀yìn fọ́tò yẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ẹ bá rí ná.

---

Àdùkẹ́ Òṣogbo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:05 òwúrọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Bàbá, mo wò ó. Mo lọ yá dígí lọ́wọ́ atúnagogo tó wà ní àdúgbò wa, òun náà bá mi wò ó.

Ìlà wà láàárín o! Ó dúdú díẹ̀, ó tín-ín-rín bí irun, ó ṣe kedere lókè àmọ́ ó pòórá nísàlẹ̀. Mo ti rò pé ibi tí fọ́tò ti ká ni. Àwọn ọmọ náà ò fara kanra, àlàfo bí ìbú ìka kan wà láàárín wọn. Wọ́n ya òdòdó àti àtẹ̀gùn sára aṣọ ẹ̀yìn. Àbàwọ́n kan wà níbẹ̀ tó dà bí ẹ̀wà, òkè fìlà ọmọkùnrin ló wà. Ẹ wá wò ó, irú ẹ̀wà yẹn gan-an tún wà lókè gèlè ọmọbìnrin.

Ní ti ẹsẹ̀, àpá kan wà ní ojúgun ọ̀tún ọmọkùnrin, ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ìró ọmọbìnrin ò dé ilẹ̀. Àpá wà lójúgun ọ̀tún tirẹ̀ náà. Atúnagogo ní, "Ọmọ kan náà nìyí." Ara mi bù máṣọ.

---

Bàbá Dákúrúùmù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:30 òwúrọ̀

Òótọ́ ni atúnagogo sọ.

Apá Ìlá ni mo ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò, iṣẹ́ ìbejì sì wà lára ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ fi hàn mí. Bí ìyá ìbejì bá wọlé pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo, ọ̀gá mi kì í bi í ní ìbéèrè méjì. Ó ti mọ̀ pé ìkejì ti lọ kí wọ́n tó ráyè yà á, àti pé ìyá ò fẹ́ kí fọ́tò dá ọmọ kan hàn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin méjì ni ìbejì náà, tàbí obìnrin méjì, ẹ̀ẹ̀kan lọ̀gá mi máa ya èyí tó kù, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan. Bó bá jẹ́ takọ-tabo ni wọ́n, á kọ́kọ́ ya ọmọ náà nínú aṣọ ti ara rẹ̀. Wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á wọ aṣọ ti ìkejì fún un, á tún jókòó sórí àpótí yẹn kan náà, ọ̀gá mi á sì tún un yà. Kì í ṣe ọ̀gá mi nìkan ló ń ṣe é o. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, bá iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1978.

Inú yàrá òkùnkùn ni ìlà yẹn ti wá. A máa ń fi páálí dúdú bo ìdajì pépà lábẹ́ ẹ́nlájà, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán inú nẹ́gátíìfù sórí pépà, ká jẹ́ kí iná mú ìdajì tó ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó pa iná, a ó gbé páálí bo ibi tí iná ti mú, a ó ti nẹ́gátíìfù kejì bọ ibẹ̀, a ó tún tan iná. Bí páálí bá fà sẹ́yìn díẹ̀, iná ẹ̀ẹ̀mejì á bọ́ sójú kan, ibẹ̀ á dúdú. Bó bá gùn jù, iná ò ní dé ibẹ̀ rárá, á wá funfun. Tiyín dúdú. Ó pòórá nísàlẹ̀ torí ẹnì kan ti fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa á rẹ́. Èmi ni ọ̀gá mi máa ń gbé ìyẹn fún, mo sì mọ bó ṣe máa ń súni kéèyàn tó dé òpin.

Àmọ́ àbàwọ́n yẹn ló fi ọ̀rọ̀ hàn jù. Bí ọmọ méjì bá jókòó pa pọ̀, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára aṣọ ẹ̀yìn ló máa hàn lẹ́yìn orí wọn. Tí àbàwọ́n kan bá hàn lókè orí méjèèjì, ojú kan náà ni ẹni méjèèjì jókòó sí. Àpá sì sọ pé ẹnì kan ni wọ́n. Ìbejì lè jọra dé èékánná, wọn kì í jọ ní ojú ọgbẹ́ kan. Ẹ ṣọ́ra fún àpá náà ṣá o: àwọn ayàwòrán kan máa ń dojú nẹ́gátíìfù kan dé kí àwọn ọmọ lè kọjú síra, àpá ẹsẹ̀ ọ̀tún á wá bọ́ sí òsì, bọ́tìnì náà á bọ́ sí òdìkejì. Ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ sí tiyín.

Torí náà, mà, bó bá jẹ́ ti ẹni tó jókòó síwájú kámẹ́rà, ọmọ tó we gèlè yẹn kì í ṣe Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe Táíwò. Kẹ́hìndé ni. Bó bá sì jẹ́ ti ohun tí Màmá yín sanwó fún, Táíwò ni.

---

Dèjì Peckham · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Háà, Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Irú rẹ̀ ti bá ìdílé tiwa náà, àmọ́ ọ̀nà mìíràn ló gbà wá. Ọmọ Sàró ni wá l'Ékòó. A ní fọ́tò ọmọ kékeré kan tó wọ gáùn olójú-wéẹ́rẹ́, ìran mẹ́ta sì ti ń pè é ní "Àǹtí Bàbá àgbà". Àṣé Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ni! Láyé Fikitóríà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń wọ gáùn fún ọmọkùnrin títí tó fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje, àwọn ìdílé Sàró kan sì kọ́ ọ lára wọn.

Níbí, wọ́n máa ń ní ká wo ibi tí wọ́n ti la irun: ẹ̀gbẹ́ fún ọkùnrin, àárín fún obìnrin. Ṣé Àdùkẹ́ ò lè wo ìyẹn?

---

Bàbá Dákúrúùmù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán

Dèjì, fìlà bo orí ọ̀kan, gèlè bo orí ìkejì. Irun wo ni wọ́n fẹ́ wò?

Ọmọ Ìkirè, etí tí ẹ sọ náà ńkọ́? Ìdajì òótọ́ wà nínú ẹ̀. Etí kì í yí tó ojú, àmọ́ gèlè yẹn ti bo etí, àti pé etí ọmọ bàbá kan máa ń jọra. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ fi ojú wé ojú, ẹ fi ọmọ ọdún mẹ́ta wé ọmọ ọdún mẹ́ta. Imú ọmọdé ò tíì yọrí, eyín àkọ́hù ló wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ẹ kó ọmọ mẹ́rin láti agbo ilé kan, kí ẹ rán aṣọ kan náà fún wọn, ẹni tí kò bí wọn ò ní mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì nínú fọ́tò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí Ìdòwú fi rí Àbẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Kò purọ́, ìdílé ló rí.

---

Ọmọ Ìkirè · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:02 ọ̀sán

Ó dáa, mo gbà ní ti etí. Àmọ́ ìkọ̀wé ẹ̀yìn ṣì wà níbẹ̀. Táíwò Kẹ́hìndé ni wọ́n kọ, orúkọ ọmọ méjì nìyẹn.

---

Mọ́remí Alákòójọ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:25 ọ̀sán

Ibẹ̀ ni mo ń bọ̀. Ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn fọ́tò sì ti tàn mí jẹ ju iwájú rẹ̀ lọ. A máa ń rò pé orúkọ ẹni tó wà nínú fọ́tò ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè jẹ́ orúkọ ẹni tí wọ́n fi fọ́tò ta lọ́rẹ, bí wọ́n ṣe ń fi ránṣẹ́ sí ará ilé tó wà ní Gáná nígbà náà. Ó lè jẹ́ orúkọ oníbàárà tí ilé fọ́tò kọ síbẹ̀ kí wọ́n lè mọ ti ẹni tó bá wá gbà á. Ó sì lè jẹ́ ọmọ ilé ló kọ ọ́ lógún ọdún lẹ́yìn náà, tó ń méfò bí àwa náà ṣe ń méfò yìí. Àgbàlagbà á rí fọ́tò ara rẹ̀, á ní "èmi kọ́ nìyí". Ọmọ ọdún mẹ́ta ò ní rántí ọjọ́ náà, torí náà orúkọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ fún un lòun náà máa gbà gbọ́.

Àdùkẹ́, pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́ ni àbí bírò? Lálẹ́ òní, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí ẹ dà á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn fọ́tò náà kí ìmọ́lẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Ibi tí pẹ́ńsù ti tẹ pépà wọlé á ní òjìji, bí ọwọ́ tilẹ̀ ti nu dúdú rẹ̀ kúrò. Ẹ má fi omi tàbí kẹ́míkà kankan kàn án.

---

Akin Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ yẹn fi gbọ́dọ̀ yé yín kí ẹ tó tẹ ìwé. Ẹ̀dà 500 lẹ máa tẹ̀, àbí? Nígbà tí Ìyá àgbà wa kú, ẹnì kan nínú wa kọ "àwọn ọmọ Màmá" sábẹ́ fọ́tò ọmọ márùn-ún tó jókòó sórí ẹní, ìkan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ tí Màmá kàn tọ́. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, nígbà tí a fẹ́ pín ilé, ọmọ rẹ̀ mú ìwé ètò ìsìnkú wá sí ìpàdé ẹbí. Ó ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ tẹ̀ ẹ́. Títí di òní, ẹ̀gbọ́n mi méjì kì í kí ara wọn.

Bí ẹ bá fi Àbẹ̀kẹ́ sínú fọ́tò ìbejì, ẹ ti sọ ọ́ di ọmọ ìyá yín lójú ẹni tí kò mọ ìtàn.

---

Àdùkẹ́ Òṣogbo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:50 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Mọ́remí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì bí ẹ ṣe wí. Pẹ́ńsù ni. Ọ̀rọ̀ kan wà níwájú "Táíwò" tó ti parẹ́ pátápátá lójú lásán. "Ìyá" ni.

"Ìyá Táíwò Kẹ́hìndé 1971."

Orúkọ Màmá wa ni! Bí gbogbo ọjà ṣe máa ń pè wọ́n nìyẹn títí wọ́n fi kú. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ ọmọ kankan síbẹ̀ rárá.

---

Mọ́remí Alákòójọ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:04 alẹ́

Orúkọ oníbàárà nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ kí ọmọọṣẹ́ tó bá wà nílé lọ́jọ́ tí Màmá wá gba fọ́tò má fi ti ẹlòmíì fún wọn. Ọdún yẹn náà, ọdún tí wọ́n gbà á ni. Ìgbà wo ni wọ́n bí Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé?

---

Àdùkẹ́ Òṣogbo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:11 alẹ́

1968. Ó bọ́ sí i.

---

Ọmọ Ìkirè · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:20 alẹ́

Mo ti gbà o. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Tólú náà.

Àmọ́ ìbéèrè kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Bí wọ́n bá wọ gèlè fún un, ṣé ó wá dájú pé obìnrin ni Táíwò?

---

Bàbá Dákúrúùmù · Ọjọ́rú, 7:15 òwúrọ̀

Ohun tí èmi máa sọ nìyẹn. Mi ò rí ìdí mìíràn tí wọ́n fi lè pààrọ̀ aṣọ ọmọ. Ká ní ọkùnrin méjì ni wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ni wọn ì bá yà á.

Ẹni tó kù tí ẹ máa bi léèrè ni ọmọ inú fọ́tò náà fúnra rẹ̀. Ẹ fi hàn án kí ẹ tó fi han atẹ̀wé. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ní ìyàwó àti ọmọ, ẹ sì fẹ́ kí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ojú rí i nínú gèlè. Wọn ò bi í léèrè ní 1971 torí ọmọdé ni. Ó ti lè dáhùn báyìí.

---

Àdùkẹ́ Òṣogbo · Ọjọ́rú, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Mo fi ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé lórí Wasáàpù, mi ò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. Nígbà tó yá, fọ́tò ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ padà, ojúgun ọ̀tún. Àpá náà ti fẹ̀ sí i, ó ti parẹ́ díẹ̀, àmọ́ ó tẹ̀ bó ṣe tẹ̀ nínú fọ́tò. Ẹnu ọlọ ló gé wọn níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣubú.

Wọ́n wá pè mí. Wọ́n ní àwọn ò rántí ọjọ́ yẹn, àmọ́ Màmá sọ fún àwọn nígbà kan pé àwọn sunkún nílé fọ́tò títí wọ́n fi fún àwọn ní góòrò jẹ. Ìdí tí àwọn fi sunkún ni Màmá ò sọ.

Ọ̀rọ̀ Táíwò ni kò tíì lójú. Àǹtí Ẹdẹ ní obìnrin ni. Ìdòwú ní Màmá máa ń sọ "àwọn ọkùnrin mi méjèèjì", ó ní òun gbọ́ ọ létí ara òun. Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn rí.

---

Dèjì Peckham · Ọjọ́rú, 7:02 alẹ́

Ẹ kàn kọ "Kẹ́hìndé, lẹ́ẹ̀mejì" síbẹ̀. Òtítọ́ nìyẹn.

---

Ìyá Tólú · Ọjọ́rú, 7:20 alẹ́

Dèjì, ṣé ìyẹn lẹ máa kọ sínú ìwé ìsìnkú ìyá ìbejì? Obìnrin tó tún aṣọ wọ̀ fún ọmọ kó lè rí ìkejì rẹ̀, ẹ wá fẹ́ pa ọmọ yẹn rẹ́ lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀? A kì í ṣàdéédéé la ẹnu sọ pé ìbejì kú. Ẹ kọ Táíwò àti Kẹ́hìndé. Kò sẹ́ni tí èyí máa pa lára.

---

Mọ́remí Alákòójọ · Ọjọ́rú, 7:48 alẹ́

Ìwé ètò wà fún ìsìnkú, ibi ìpamọ́ wà lọ́tọ̀, n kò rò pé ohun kan náà ló yẹ kó wà ní méjèèjì. Fún ẹ̀dà tí ẹ máa tọ́jú, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí bébà ọ̀tọ̀, kì í ṣe sẹ́yìn fọ́tò: ọmọ kan ló jókòó, Kẹ́hìndé, ó dúró fún Táíwò ní apá ibi tí gèlè wà, àpá ojúgun àti àbàwọ́n aṣọ ẹ̀yìn ni a fi mọ̀ ọ́n, èyí ni ohun tí Àǹtí Ẹdẹ wí, èyí ni ohun tí Ìdòwú wí. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó sọ ọ́, kí ọmọ tó bá rí i lọ́jọ́ iwájú lè mọ èyí tí a rí àti èyí tí a gbọ́. Ẹ má kọ "obìnrin" síbẹ̀.

Fún ìwé ètò, mi ò bá Ìyá Tólú jà.

---

Bàbá Dákúrúùmù · Ọjọ́rú, 8:05 alẹ́

Èmi bá a jà díẹ̀. Bí ẹ bá kọ orúkọ méjì sábẹ́ ojú méjì, ọmọ-ọmọ yín á máa nàka sí èyí tó we gèlè, á ní Táíwò rèé, bó ṣe rí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Kò sí fọ́tò Táíwò láyé. Ọ̀gá mi kì í gbà kí wọ́n dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún irú fọ́tò yẹn. "Ìbejì Ìyá Báyìí" ni yóò ní kí a kọ.

---

Àdùkẹ́ Òṣogbo · Ọjọ́bọ̀, 9:12 òwúrọ̀

Atẹ̀wé ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bi Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé ní èyí tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ní ká tẹ̀ ẹ́, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má gbé e sórí Fesibúùkù, àwọn ọmọ ibi iṣẹ́ àwọn á fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí a kọ ohun tó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ká má fi nǹkan kan kún un.

"Ìyá Táíwò Kẹ́hìndé, 1971" ni mo fi ránṣẹ́. Ìdòwú ṣì ń bínú, ó ní àwọn èèyàn á béèrè pé níbo ni Màmá wà nínú fọ́tò náà.